Bí a ṣe ń wọn fèrèsé àti pẹpẹ ìmọ́lẹ̀ kí yàrá tó jìn lè mọ́lẹ̀ dé ẹ̀yìn

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí à ń kọ́ nílẹ̀ Yorùbá lónìí, òkè fèrèsé kì í kọjá mítà 2.1. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà ga ní mítà 2.1, líntẹ̀lì kan ṣoṣo ni bíríkìlà sì máa ń gbé yí ilé ká, ibẹ̀ náà ni fèrèsé á parí sí. Lókè líntẹ̀lì yìí, búlọ́ọ̀kù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló kù kí ògiri tó kan sílíìnì. Ibi tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí yẹn gan-an ni ìmọ́lẹ̀ tó lè dé ẹ̀yìn yàrá ì bá gbà wọlé. Bí wọ́n ṣe dí i, ẹni tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé á máa fọwọ́ bojú, ẹni tó wà lẹ́yìn á sì máa tan iná lọ́sàn-án.

Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí dá lé ni pé kí ẹ gbé gíláàsì dé ìsàlẹ̀ sílíìnì, kí ẹ wá fi pẹpẹ kan pín in sí méjì ní orí ìlà líntẹ̀lì náà. Apá ìsàlẹ̀ wà fún ìríran àti afẹ́fẹ́. Apá òkè wà fún ìmọ́lẹ̀ nìkan. Pẹpẹ tó wà láàárín wọn yọ sí ìta, ó sì yọ sí inú: ó ń ṣíji bo gíláàsì ìsàlẹ̀, ó ń dá oòrùn tó bá gba gíláàsì òkè wọlé dúró kó má bà lé orí ẹnikẹ́ni, ó sì ń ju ìmọ́lẹ̀ yẹn sókè sára sílíìnì, tí sílíìnì á wá tàn án ká gbogbo yàrá.

Màá fi yàrá kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó fẹ̀ ní mítà 9 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí fèrèsé wà, ó jìn ní mítà 7 sí ẹ̀yìn, sílíìnì rẹ̀ sì wà ní mítà 3.1. Ẹ̀gbẹ́ gúúsù nìkan ni fèrèsé wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà lẹ́yìn ògiri kejì, ìmọ́lẹ̀ kankan ò gba ibẹ̀ wọlé.

Kọ́kọ́ wo ibi tí ògiri kọjú sí

Ẹ má fi pẹpẹ ìmọ́lẹ̀ sí ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, oòrùn wà nílẹ̀ níwájú irú ògiri bẹ́ẹ̀, ó sì ń gba abẹ́ pẹpẹ wọlé tààrà bó ti wù kí ẹ fa pẹpẹ náà gùn tó. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ yí ilé náà padà kó tó kúrò lórí ìwé, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù. Bí ilẹ̀ ò bá gba bẹ́ẹ̀, ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ olóròó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan ló yẹ ibẹ̀, kì í ṣe pẹpẹ.

Ní ìhà gúúsù àti àríwá, iṣẹ́ rọrùn fún wa, nítorí pé a sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé. Ìbàdàn wà ní nǹkan bíi dígírì 7.4 sí àríwá ìlà náà. Oòrùn ọ̀sán máa ń dúró sí àárín orí wa gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Láàárín àwọn oṣù méjèèjì yìí, ìhà àríwá ló máa ń wà lọ́sàn-án. Láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kẹrin tó tẹ̀ lé e, ìhà gúúsù ni. Ọjọ́ tó máa ń lọ sílẹ̀ jù ní gúúsù ni 21 oṣù Kejìlá, síbẹ̀ ó ṣì ga ní dígírì 59 lọ́sàn-án. Ọjọ́ yẹn la máa fi wọn pẹpẹ, nítorí pé pẹpẹ tó bá kápá rẹ̀ á kápá ọjọ́ yòókù nínú ọdún.

Ẹ wọn bí òkè gíláàsì ṣe gbọ́dọ̀ ga tó

Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ àwọn ayàwòrán ilé ni pé ìmọ́lẹ̀ tó ṣe é kàwé máa ń wọlé dé nǹkan bí ìlọ́po kan àbọ̀ gíga òkè fèrèsé, bí a bá wọn gíga yẹn láti ilẹ̀. Bí pẹpẹ ìmọ́lẹ̀ bá wà, tí sílíìnì sì funfun, ó lè dé ìlọ́po méjì sí méjì àbọ̀. Bí a bá fi òkè fèrèsé sí mítà 2.1 nínú yàrá wa, ìmọ́lẹ̀ á parí ní nǹkan bíi mítà 3.15, kò tó ìdajì yàrá. Bí a bá gbé e sí mítà 3.0, á dé mítà 4.5 láìsí pẹpẹ, á sì dé láàárín mítà 6 àti 7.5 bí pẹpẹ bá wà. Mítà 7 tí a ní súnmọ́ òpin ohun tó ṣeé ṣe. Bí yàrá yín bá jìn ju èyí lọ, ẹ wá fèrèsé sí ẹ̀yìn náà, tàbí kí ẹ ya apá ẹ̀yìn sọ́tọ̀ fún kọ́bọ́ọ̀dù àti ohun tí kò nílò ìmọ́lẹ̀ púpọ̀.

Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń lò ní Ìlú Ọba láti mọ̀ bóyá yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ti jìn jù:

```
L/W + L/H < 2 / (1 - Rb)
```

L ni jíjìn yàrá, W ni fífẹ̀ rẹ̀, H ni gíga òkè fèrèsé. Rb ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ìdajì yàrá tó wà lẹ́yìn ń dá padà: kíkùn funfun ń dá nǹkan bíi 0.8 padà, símẹ́ńtì tí wọn ò kùn ń dá nǹkan bíi 0.3, búráùn tó dúdú ò sì tó 0.2. Bí a bá wá ìpíndọ́gba ilẹ̀, ògiri àti sílíìnì ẹ̀yìn, 0.5 ni ohun tó ṣeé retí nínú yàrá tí wọ́n kùn dáadáa.

Pẹ̀lú òkè fèrèsé ní 3.0, apá òsì á jẹ́ 7/9 + 7/3, ìyẹn 3.11. Apá ọ̀tún pẹ̀lú 0.5 jẹ́ 4. Ó kéré sí i, yàrá náà yè. Àmọ́ bí òkè fèrèsé bá wà ní 2.1, apá òsì á di 4.11, ó ti kọjá 4. Kò sí kíkùn funfun tí èèyàn lè fi gbà á là níbẹ̀ àfi kó ju ti yàrá lásán lọ. Ẹ tún wo ìhà kejì rẹ̀: ká ní a gbé fèrèsé sókè, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan wá kun ẹ̀yìn yàrá ní búráùn kí Rb di 0.3, apá ọ̀tún á já sí 2.86, yàrá á tún ṣókùnkùn. Gbogbo owó tí ẹ ná sórí gíláàsì ti wọmi. Ẹ bá ẹni tó máa kun yàrá sọ̀rọ̀ kó tó ra kíkùn.

Ẹ fi ìlà dígírì 45 wọn pẹpẹ

Ẹ ya yàrá náà bí ẹni gé e lójú méjì tí ó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́: ilẹ̀, ògiri fèrèsé, sílíìnì. Lójú àwòrán yìí, oòrùn máa ń wọlé pẹ̀lú igun kan, tí èmi á máa pè ní igun ìwọlé. Ní 21 oṣù Kejìlá ní Ìbàdàn, igun ìwọlé sára ògiri gúúsù jẹ́ nǹkan bíi dígírì 45 ní ago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó ń gòkè títí á fi dé 59 ní 12:43, nígbà tí oòrùn ga jù, lẹ́yìn náà á tún sọ̀ kalẹ̀ dé 45 ní nǹkan bíi 4:25 ìrọ̀lẹ́. Láti ago mẹ́sàn-án títí dé ìgbà tí iléèwé bá ti tú pátápátá, igun náà ò lọ sílẹ̀ ju 45 lọ.

Èyí ló mú ìwọ̀n rọrùn. Lórí ìlà dígírì 45, iye tí oòrùn bá sọ̀ ni iye tí ó máa wọlé. Nítorí náà, bí pẹpẹ yóò ṣe yọ sí ìta gbọ́dọ̀ tó gíga gíláàsì tó wà lábẹ́ rẹ̀, bí yóò ṣe yọ sí inú sì gbọ́dọ̀ tó gíga gíláàsì tó wà lókè rẹ̀.

Nínú yàrá wa, gíláàsì ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní mítà 0.9, ó sì parí lábẹ́ pẹpẹ ní 2.1, gíga rẹ̀ jẹ́ 1.2. Pẹpẹ á yọ síta ní mítà 1.2. Gíláàsì òkè bẹ̀rẹ̀ lórí pẹpẹ ní 2.15, ó sì dé 3.0, gíga rẹ̀ jẹ́ 0.85. Pẹpẹ á yọ sínú ní sẹ̀ǹtímítà 85. Ẹ mú irinṣẹ́ oníhà mẹ́ta tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ya igun, ẹ fà á láti òkè gíláàsì òkè, ẹ ó rí i pé ìlà náà bọ́ sí etí pẹpẹ inú gẹ́lẹ́. Ẹ fà á láti etí pẹpẹ ìta, á bọ́ sí ìsàlẹ̀ fèrèsé.

Gíga mítà 2.1 tí pẹpẹ wà dára fún ìdí mìíràn. Ó ga ju ojú ẹni tó dúró lọ, kò sí ẹni tó máa rí òkè rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá fi pẹpẹ sí mítà 1.6 kí gíláàsì òkè lè tóbi sí i ti gbé ohun tó ń fọ́ni lójú síwájú gbogbo èèyàn.

Kó tó di ago mẹ́sàn-án nínú oṣù Kejìlá, oòrùn máa ń wá láti apá ìlà-oòrùn, ó wà nílẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì kọjá lábẹ́ pẹpẹ. Ògiri olóròó kan tó yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 60 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà-oòrùn fèrèsé kọ̀ọ̀kan á dín in kù. Òpó ilé pàápàá lè ṣe iṣẹ́ yìí bí ẹ bá yọ ọ́ síta.

Fún ògiri tó kọjú sí àríwá, pẹpẹ ìta ò nílò gígùn tó bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹfà ni oòrùn máa ń lọ sí ibẹ̀ jù, igun ìwọlé rẹ̀ sì ti ju 56 lọ ní ago mẹ́sàn-án. Mítà 0.8 tó fún gíláàsì ìsàlẹ̀ kan náà. Àwọn ìwọ̀n yìí bá Èkó, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Pọ́tò-Nófò mu dáadáa. Kí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù má gbé e lọ síbẹ̀ o: ní oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán ò fi bẹ́ẹ̀ ga ju dígírì 15 lọ níbẹ̀, ọ̀nà mìíràn pátápátá ni wọ́n ń gbà.

Ẹ wo etí òrùlé kí ẹ tó tẹ̀ síwájú

A fẹ́ràn kí òrùlé yọ síta gan-an nítorí òjò. Àmọ́ òrùlé tó bá yọ jù á ṣíji bo pẹpẹ, pẹpẹ tí oòrùn ò sì dé ò ní ohun tí yóò jù sókè. Nínú yàrá wa, etí òrùlé wà ní mítà 3.2, ó yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 60. Lọ́sàn-án oṣù Kejìlá, òjìji rẹ̀ parí ní ojú gíláàsì gẹ́lẹ́, gbogbo pẹpẹ ìta sì wà nínú oòrùn. Bí òrùlé bá yọ ní 1.2 bíi pẹpẹ, òjìji á bo nǹkan bí ìdajì pẹpẹ ìta. Pẹpẹ náà fúnra rẹ̀ á máa dá òjò dúró fún fèrèsé ìsàlẹ̀, nítorí náà òrùlé gígùn ò pọn dandan níbẹ̀.

Ẹ ṣírò bóyá gíláàsì tó

Títí di ibí yìí, oòrùn la ti ń bá jà. Àmọ́ ní oṣù Keje àti Kẹjọ, nígbà tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, oòrùn ò sí láti jù sókè. Mo fẹ́ kí èyí yé yín dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ṣi pẹpẹ ìmọ́lẹ̀ lóye: nígbà ìkùukùu, pẹpẹ kì í fi kún ìmọ́lẹ̀, ó ń dín in kù díẹ̀, pàápàá lẹ́bàá fèrèsé. Ohun tí ó ń fúnni ni ìdọ́gba, pé iwájú àti ẹ̀yìn ò ní jìnnà síra. Gíláàsì fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tó fún ọjọ́ ìkùukùu.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

```
D = T × M × (A1 × θ1 + A2 × θ2) / (A × (1 - R × R))
```

D ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ ìta tó máa wà nínú yàrá ní ìpíndọ́gba. T ni ìmọ́lẹ̀ tí gíláàsì gbà láàyè. Gíláàsì tó mọ́ kedere jẹ́ nǹkan bíi 0.8. M jẹ́ fún ìdọ̀tí. Mo fi 0.8 sí i nítorí eruku ọyẹ́. A1 àti A2 ni gíláàsì òkè àti ti ìsàlẹ̀, láìka férémù. θ ni iye dígírì ojú ọ̀run tí àárín gíláàsì kọ̀ọ̀kan rí. A ni àpapọ̀ ilẹ̀, sílíìnì àti ògiri. R ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí gbogbo wọn ń dá padà.

Gíláàsì òkè jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 6.4, ó sì rí ojú ọ̀run tó dígírì 45 lábẹ́ etí òrùlé. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 7.7, àmọ́ dígírì 25 péré ló rí, nítorí pé pẹpẹ bò ó. Ẹ wò ó pé gíláàsì kékeré tó wà lókè ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Gbogbo ojú inú yàrá jẹ́ 225, R sì jẹ́ 0.5. Ìdáhùn jẹ́ nǹkan bíi 1.8. Bí ìmọ́lẹ̀ ìta lábẹ́ ìkùukùu bá jẹ́ 15,000 lọ́kìsì, ìyẹn ẹyọ tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, inú yàrá á ní nǹkan bíi 270. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fẹ́ 300. Ó súnmọ́ ọn tó láti kàwé láìtan iná.

Wàyí o, ẹ fi gíláàsì aláwọ̀ búráùn tàbí búlúù tó ń dán bíi dígí rọ́pò rẹ̀, irú èyí tó gbayé kan ní ìlú báyìí. Bí T rẹ̀ bá jẹ́ 0.4, gbogbo ohun tí a ṣírò di ìdajì, 270 di 135. Ẹ fi owó yẹn ra gíláàsì tó mọ́, kí pẹpẹ ṣe iṣẹ́ òjìji. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn náà ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi sí fèrèsé ìsàlẹ̀ tó ń ṣí, ẹ má fi sí ti òkè. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí gíláàsì òkè má ṣeé ṣí rárá.

Kíkọ́ pẹpẹ náà

Pẹpẹ kọnkéré tó yọ síta ní mítà 1.2 kì í ṣe iṣẹ́ bíríkìlà nìkan. Níbi tí wọ́n ti máa ń yọ pẹpẹ kékeré lórí fèrèsé, búlọ́ọ̀kù tó wà lókè líntẹ̀lì ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má bàa dojú kọlẹ̀. Gíláàsì ló wà lókè tiwa, kò ní ìwúwo tí yóò fi tẹ̀ ẹ́. Líntẹ̀lì náà á fẹ́ yí po, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ so mọ́ òpó kọnkéré ní ọ̀tún àti òsì, kí ẹnjiníà sì ṣírò irin rẹ̀. Inú òkè pẹpẹ ni irin tó ṣe pàtàkì gbọ́dọ̀ wà, torí òkè ni kọnkéré ti máa fẹ́ ya. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n to irin sí ìsàlẹ̀ bíi ti ilẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lásán, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Bí owó tàbí ẹnjiníà ò bá sí, férémù irin tí wọ́n fi páànù alumíníọ̀mù funfun bò, tí wọ́n dè mọ́ òpó, rọrùn ju kọnkéré lọ.

Pẹpẹ inú ò gbọ́dọ̀ wúwo. Pákó pẹlẹbẹ tí káfíńtà gbé lé ọwọ́ irin, tí wọ́n sì kùn ní funfun, ti tó. Ẹ jẹ́ kí ó ṣeé tú sílẹ̀ láti fọ̀. Pẹpẹ ìta gbọ́dọ̀ dagun díẹ̀ síta kí omi má bàa dúró.

Ojú òkè pẹpẹ gbọ́dọ̀ funfun láìdán. Mo ti rí ibi tí wọ́n fi irin tó ń dán bíi dígí bò ó, torí wọ́n rò pé yóò ju ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí i. Ohun tó ń jù ni àmì oòrùn gbígbóná kan sórí sílíìnì, tí ó sì ń rìn bí ọjọ́ ṣe ń rìn, ojú gbogbo ọmọ sì ń tẹ̀ lé e. Funfun tí kò dán máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká. Ẹ kun abẹ́ pẹpẹ ní funfun pẹ̀lú, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ilẹ̀ ìta bọ̀ á gba ibẹ̀ wọlé. Sílíìnì ni kó funfun jù lọ nínú yàrá. Sílíìnì pákó aláwọ̀ igi ò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ní ti ìjókòó, ẹ to àga kí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì àwọn ọmọ tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, kí pátákó ìkọ̀wé wà lórí ògiri ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá gbé pátákó sí ara ògiri fèrèsé, ojú wọn á máa bá ìmọ́lẹ̀ ìta jà ní gbogbo ìgbà, kò sí pẹpẹ tó lè tún un ṣe.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó kọ́lé

Ìmọ́lẹ̀ ò bìkítà bí yàrá ṣe tóbi tó. Ohun tó bá ṣe nínú àpótí kékeré ló máa ṣe nínú yàrá gidi, bí ìrísí àti àwọ̀ inú wọn bá jọra. Ẹ fi páálí líle ṣe yàrá náà ní ìdá kan nínú mẹ́wàá: sẹ̀ǹtímítà 90 sí 70, gíga 31. Ẹ gé fèrèsé rẹ̀, ẹ fi pẹpẹ sí i pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 12 síta àti 8.5 sínú, ẹ fi bébà tó ní àwọ̀ kíkùn tí ẹ fẹ́ lò lẹ inú rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé igun páálí ò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yọ́ wọlé.

Ní ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run pátápátá, ẹ gbé e síta, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn lọ́kìsì wọ̀n ọ́n. Ti fóònù náà á ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ń fi nọ́ńbà kan wé òmíràn lórí fóònù kan náà, ṣùgbọ́n fóònù tóbi nínú àpótí yìí, ẹ̀rọ kékeré tó ní ojú lórí okùn ló dára jù. Ẹ gbé ojú rẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 7.5 sókè ilẹ̀, níbi tí tábìlì máa wà, ní iwájú, ní àárín àti ní ẹ̀yìn. Ẹ wọn ìta náà lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹ fi nọ́ńbà ìta pín nọ́ńbà inú, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, kí ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po T àti M, torí pé kò sí gíláàsì lójú fèrèsé àpótí náà. Bí ìpíndọ́gba bá súnmọ́ 2, gíláàsì tó. Bí ti iwájú bá ju ìlọ́po mẹ́wàá ti ẹ̀yìn lọ, ẹ̀yìn á máa rí bí òkùnkùn lójú àwọn ọmọ bí nọ́ńbà rẹ̀ bá tilẹ̀ tó kàwé. Ẹ gbé òkè gíláàsì sókè sí i tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn funfun sí i, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ pẹpẹ kúrò kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Iwájú á ga sí i gan-an láìsí pẹpẹ, ẹ̀yìn ò sì ní yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí pẹpẹ ń ṣe á hàn kedere níbẹ̀.

Fífọ̀

Ewédò á hù sórí pẹpẹ ìta nígbà òjò, á sì dúdú kó tó di oṣù Kẹwàá, gẹ́gẹ́ bí oòrùn ṣe ń padà sí gúúsù tí pẹpẹ sì yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́ nígbà náà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ. Ẹ tún fọ̀ ọ́ nínú oṣù Kínní, nígbà tí eruku ọyẹ́ bá ti bò ó, kí ẹ sì nu gíláàsì òkè àti pẹpẹ inú pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ lè dé ibẹ̀ láti ìta pẹ̀lú àkàbà, nítorí náà ẹ má gbin òdòdó tàbí gbẹ́ gọ́tà síbi tí ẹsẹ̀ àkàbà máa dúró lé.